Sọ́puláyà ò tíì kó ìyókù ọjà wa wá, ọjọ́ sì ti kọjá: báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà ìránlétí tí ò ní dìjà?

Bọ́sà_ÒkèÌléwó
Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni bọ́sà ilé ìwé àdáni kan l'Ábẹ́òkúta. A fún sọ́puláyà kan l'Ékòó ní ẹ́lípíò, ìwé tá a fi ń béèrè ọjà, fún tábìlì ìkàwé pẹ̀lú àga ẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 80, ₦45,000 ni sẹ́ẹ̀tì kan. A san ₦2,160,000 sílẹ̀ lọ́jọ́ 4 Ogọ́ọ̀sì 2025, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìyẹn 8 Sẹ̀tẹ́ńbà. Sẹ́ẹ̀tì 30 ni wọ́n kó wá lọ́jọ́ 11, títí di òní 23 a ò rí 50 tó kù. Tí mo bá pè, wọ́n á ní ó ti fẹ́ parí. Àwọn ọmọ ń jókòó mẹ́ta mẹ́ta lórí tábìlì ẹni kan. Mọ̀mí tó ni ilé ìwé ò fẹ́ ká bá wọn jà torí iṣẹ́ wọn dáa, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ lẹ́tà. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Ìyá_Bùrẹ́dì
Ẹ gba owó yín jàre. Èmi ra ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó di oṣù, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ní gbogbo ìgbà yẹn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ọwọ́ pò ó. Ìgbà tí mo lọ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láàárọ̀ tí àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ ń wọlé ló tó lọ wá owó mi. Lẹ́tà kọ́ ni wọ́n máa ń kà, ẹ lọ síbẹ̀.

Bọ́sà_ÒkèÌléwó
Ẹ ṣé mà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó la fẹ́ gbà padà, àga la fẹ́. Tá a bá gba owó lónìí, ta ló máa bá wa ṣe àga 50 ní ₦45,000 nísinsìnyí? Ẹlòmíì tá a bi ní owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Bàbá_Sítọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ bọ́sà. Iṣẹ́ ìrajà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, irú lẹ́tà yìí ò sì ṣàjèjì sí mi. Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ gbé bírò àti ìwé, ẹ ṣírò ibi tí ọ̀rọ̀ dé, torí ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ẹni tó gbà á kì í dáhùn, ohun tó fà á ni pé ẹni tó kọ ọ́ fúnra ẹ̀ ò mọ iye tó kù.

Sẹ́ẹ̀tì 80 ní ₦45,000 jẹ́ ₦3,600,000. Ẹ ti san ₦2,160,000. 30 tí wọ́n kó wá jẹ́ ọjà ₦1,350,000. Torí náà owó yín tó wà lọ́wọ́ wọn tí ẹ ò tíì rí ọjà ẹ̀ jẹ́ ₦810,000. Ọjà tó kù jẹ́ ₦2,250,000, tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ pátá, ₦1,440,000 lẹ máa san. Ẹ wò ó dáadáa: ìwọ ní ₦810,000 lọ́dọ̀ wọn, àwọn náà ní ₦1,440,000 tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà pẹ̀lẹ́tù fi lè ṣiṣẹ́ níbí, wọ́n ṣì ní ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo owó lẹ ti san ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè mi méjì: kí ni wọ́n kọ sórí wéébìlì ọjọ́ 11 yẹn, ìwé tí dírẹ́bà mú tẹ̀ lé ọjà, tí ẹ sáìnì sí? Àti pé ibo ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn wà, ṣé inú ẹ́lípíò ni àbí ẹnu lásán?

Bọ́sà_ÒkèÌléwó
Ó wà nínú kótéṣọ̀n wọn, a sì tún un kọ sínú ẹ́lípíò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí owó bá wọlé. Lórí wéébìlì, sítọ̀-kípà wa kọ "30 nìkan, 50 kù" kó tó sáìnì, dírẹ́bà náà sì sáìnì.

Bàbá_Sítọ̀
Ẹ bá mi kí sítọ̀-kípà yẹn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó kọ yẹn ti yọ yín nínú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, torí àwọn dírẹ́bà kan máa ń gbé wéébìlì wá tó ti ní "ọjà pé" lórí látilé, ẹni tó bá sáìnì sí i láìkà á, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n lè ní kó mú ẹ̀rí wá pé kò pé.

Ọmọ_Lọ́ọ̀
Ẹ gbọ́, lábẹ́ òfin ọjà títà, tó bá jẹ́ òwò, ọjọ́ ìkówá jẹ́ ohun pàtàkì nínú àdéhùn. Ní kété tí 8 Sẹ̀tẹ́ńbà kọjá ni ẹ ti ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé e. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ máa bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ lẹ́tà ìfagilé, ẹ ní kí wọ́n dá ₦810,000 padà láàárín ọjọ́ méje, ó parí.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Àbúrò, ìdajì ohun tó o sọ tọ̀nà. Nínú àdéhùn òwò, ọjọ́ ìkówá ṣe pàtàkì lóòótọ́, àwọn kóòtù sì máa ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tí bọ́sà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 8: wọ́n gba sẹ́ẹ̀tì 30 lọ́jọ́ 11, wọ́n sì ń pè pé kí wọ́n kó ìyókù wá. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjà lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá, ó ti jẹ́ kí ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn. Kò lè sùn kó jí kó ní òun ò rà mọ́ torí 8 Sẹ̀tẹ́ńbà. Ohun tó kù fún un ni kó dá ọjọ́ tuntun tó bọ́gbọ́n mu, kó sì sọ ọ́ gbangba.

Ẹjọ́ kan wà ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlú Ọba lọ́dún 1950, Rickards àti Oppenheim, a máa ń kọ́ ọ ní yunifásítì níbí náà. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n bá òun kan bọ́dì mọ́ ọkọ̀ Rolls-Royce, ọjọ́ kọjá, ó ń bá wọn ṣe sùúrù, ó ń béèrè. Nígbà tó yá, ní ìparí Júùnù 1948, ó kọ̀wé pé tí kò bá délẹ̀ ní 25 Júláì òun ò ní gbà á mọ́. Ìgbà tó di Ọ́kítóbà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀, ó kọ̀ ọ́, kóòtù sì ní ó jàre, torí ó fún wọn ní àyè tó tó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sùúrù ẹ̀ nìkan kọ́ ló gbà á là, ìwé yẹn ni.

Fún ìdí yìí, bọ́sà, nínú lẹ́tà yín, bó ti wù kó tutù tó, ẹ fi gbólóhùn kan sí i pé bí ẹ ṣe ń dúró yìí ò túmọ̀ sí pé ẹ ti gbàgbé àdéhùn 8 Sẹ̀tẹ́ńbà. Kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú, ó sì ń dáàbò bò yín.

Ọmọ_Lọ́ọ̀
Ẹ ṣé sà, mo ti gbọ́. Nípa 30 tí wọ́n gbà ńkọ́, ṣé wọn ò lè kọ̀ ọ́ nígbà yẹn pé 80 làwọn rà?

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Wọ́n lè kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ra 80 kò pọn dandan kó gbà á ní díẹ̀díẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá ti jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á, wọ́n ti ń lò ó, wọ́n á san án ní iye tí wọ́n fi ṣàdéhùn, ₦45,000.

Gbénàgbénà_Ìkòròdú
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi náà ń ṣe àga fún àwọn ilé ìwé, ẹni tí wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí ni mí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó bá pẹ́ ti náwó yín. Ogọ́ọ̀sì sí Sẹ̀tẹ́ńbà ni gbogbo ilé ìwé máa ń fẹ́ àga lẹ́ẹ̀kan náà, wẹ́dà tí mo bá ní kò ju méjì lọ, iná NEPA lè lọ, díísù sì wọ́n, tí páìpù onígun mẹ́rin bá ti tán ní ọjà, a máa dúró ni. Ọ̀gá tó bá sì gba iṣẹ́ mẹ́rin, iṣẹ́ tí wọ́n bá ń béèrè ẹ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ parí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́tà tó bá ní kí n "yára ṣe ohun tó yẹ", mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi dáhùn, mo máa ní "a ti ń ṣe é". Ṣùgbọ́n tí kọ́sítọ́mà bá kọ̀wé pé mélòó ló ti kúrò lọ́wọ́ wẹ́dà, mélòó ló wà ní kíkùn, ọjọ́ wo ni ọkọ̀ á gbéra, mo máa ní láti lọ sí ẹ̀yìn lọ kà á. Tí mo bá sì ti kà á, mi ò lè purọ́ mọ́, mo máa kọ ọjọ́ kan.

Ohun kan tún ni kí n béèrè lọ́wọ́ bọ́sà: ṣé ẹ yí nǹkan kan padà lẹ́yìn tí ẹ fún wọn ní ẹ́lípíò? Àwọ̀, gíga, ohunkóhun? Torí tí ẹ bá ti yí nǹkan kan, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dá yín lóhùn nìyẹn.

Bọ́sà_ÒkèÌléwó
Bẹ́ẹ̀ ni o. Lọ́jọ́ 21 Ogọ́ọ̀sì, mọ̀mí ránṣẹ́ lórí Wasáàpù pé kí 20 nínú ẹ̀ kéré sí i fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì dáhùn pé "ó ti wọlé mà". Wọn ò sọ pé ọjọ́ máa yí. 30 tí wọ́n kó wá kò sí kékeré kankan nínú ẹ̀. Ohun mìíràn ni pé mẹ́ta nínú 30 yẹn, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin ẹ̀ pọ̀ ti là. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà kan náà?

Gbénàgbénà_Ìkòròdú
Ohun tí mò ń wí nìyẹn. 50 tó kù, 20 jẹ́ kékeré tí wọ́n yí láàárín, 30 jẹ́ gíga tẹ́lẹ̀. Fún 30 yẹn wọn ò ní àwáwí kankan. Ẹ pín in sí méjì nínú lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ béèrè 30. Tí ẹ bá pa 50 pọ̀, wọ́n á fi 20 bo 30 mọ́lẹ̀.

Mẹ́ta tó là, ẹ fi sí ìwé mìíràn pẹ̀lú fọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó ń tún nǹkan ṣe àti ẹni tó ń ṣètò ọkọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà, tí ẹ bá kó méjèèjì pọ̀, ìdáhùn tó máa dé ni "a máa wá wo àwọn tó là", ọ̀rọ̀ 50 á wá di àtìpa.

Bàbá_Sítọ̀
Mo fara mọ́ ọ̀gá gbénàgbénà lórí pínpín 20 àti 30. Lórí mẹ́ta tó là, mi ò fara mọ́ ọn tán. Tí ẹ ò bá mẹ́nu bà á rárá nínú ìwé tí ẹ fi béèrè ìyókù, wọ́n lè ní lọ́jọ́ iwájú pé ẹ gba 30 láìsí àròyé. Gbólóhùn kan péré tó, pé ìwé lórí mẹ́ta náà ń bọ̀ lọ́tọ̀.

Èyí ni mo kọ, ẹ tún un ṣe bí ẹ ṣe fẹ́. Mo fi Yorùbá kọ ọ́ ká lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò níbí, ẹ fi èdè tí ẹ fi kọ ẹ́lípíò kọ tiyín:

*24 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025*

*Sí: Ọ̀gá àgbà*
*Ẹ̀dà: máníjà iṣẹ́*

*Ẹ́lípíò nọ́ńbà 014: sẹ́ẹ̀tì tábìlì àti àga 50 tó kù, tó yẹ kó dé ní 8 Sẹ̀tẹ́ńbà*

*Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.*

*A dúpẹ́ fún sẹ́ẹ̀tì 30 tí ẹ kó wá ní 11 Sẹ̀tẹ́ńbà. Inú mọ̀mí àti àwọn tíṣà dùn sí bí ẹ ṣe kun wọ́n.*

*Nínú ẹ́lípíò náà, sẹ́ẹ̀tì 80 ni a jọ ṣàdéhùn. A san ₦2,160,000 ní 4 Ogọ́ọ̀sì, ẹ sì sọ fún wa pé ọjà á pé ní 8 Sẹ̀tẹ́ńbà. 50 ló kù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí wéébìlì tí dírẹ́bà yín sáìnì: 30 jẹ́ gíga àtètèkọ́ṣe, 20 jẹ́ gíga kékeré tí a béèrè lórí Wasáàpù ní 21 Ogọ́ọ̀sì. A mọ̀ pé àyípadà yẹn lè ti gba àyè díẹ̀ sí i fún 20 yẹn.*

*Ilé ìwé ti wọlé láti 15 Sẹ̀tẹ́ńbà, àwọn ọmọ sì ń há ara wọn mọ́ lórí àwọn tó wà.*

*A bẹ̀ yín, kí ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa ní kíkọ, ó pẹ́ tán ní Jímọ̀ọ́ 26 Sẹ̀tẹ́ńbà, lórí nǹkan méjì: ọjọ́ tí 30 yẹn á dé ọ̀dọ̀ wa, a ó fẹ́ kó má kọjá Jímọ̀ọ́ 3 Ọ́kítóbà, àti ọjọ́ tí 20 kékeré á dé, a ó fẹ́ kó má kọjá Jímọ̀ọ́ 17 Ọ́kítóbà. Tí ohun kan bá ń dí yín lọ́wọ́ tí a lè bá yín yanjú, ẹ jẹ́ ká mọ̀.*

*Bí a ṣe ń dúró yìí, a ò tíì fi ẹ̀tọ́ wa lórí ọjọ́ àdéhùn sílẹ̀. Ìwé lórí sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó nílò àtúnṣe á tẹ̀ lé e lọ́tọ̀.*

*Ẹ ṣeun, a ń retí yín.*

Ẹ rí i, mi ò fi 1 Ọ́kítóbà sí i torí họ́lídè ni, ẹni tó bá fẹ́ sá á ní òun ò mọ̀. Ìmẹ́èlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó sáìnì kótéṣọ̀n, kì í ṣe ọmọ tó ń gbé e kiri fún yín, torí ọmọ yẹn ò ní agbára lórí wẹ́dà. Lẹ́yìn náà ẹ fi PDF ẹ̀ sí Wasáàpù, ẹ wá pè lọ́jọ́ yẹn kan náà pé ìwé kan ti dé o, ẹ bá wa wò ó. Ẹ so ẹ́lípíò, rìsíìtì báńkì àti wéébìlì mọ́ ọn kó má di pé wọ́n ń wá fáìlì.

Tẹ́mi_Àkáǹtì
Bàbá, ẹ̀bùn ni lẹ́tà yìí jẹ́ fún wọn. Ibo ni ìyà wà níbẹ̀? Ó yẹ kó wà pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, a máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó tó kù. Ìwé tí a máa ń fún àwọn kọngílá níbi iṣẹ́ wa, ó wà níbẹ̀.

Bàbá_Sítọ̀
Ó wà nínú ìwé yín torí ẹ ti jọ sáìnì sí i látìbẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Kò sí nínú ẹ́lípíò ti bọ́sà. Ẹ ò lè dá owó ìtanràn sílẹ̀ lónìí fún àdéhùn oṣù tó kọjá, wọ́n á kàn bínú, wọn ò sì ní san án. Ẹ fi sínú ẹ́lípíò tó ń bọ̀.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ní àdánù gidi, bíi pé wọ́n ní láti háyà àga, ìyẹn ṣeé béèrè pẹ̀lú rìsíìtì, ṣùgbọ́n lẹ́tà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn ti máa jáde. Kí bọ́sà sì tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ Wasáàpù yẹn lódidi, pẹ̀lú nọ́ńbà àti déètì tó hàn, kó má pa á rẹ́ nígbà tó bá ń yí fóònù. Òfin ẹ̀rí 2011 gba ohun tó wá láti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, ṣùgbọ́n abala 84 ní àwọn ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn, ẹni tó bá ṣì ní fóònù náà lọ́wọ́ ló máa ń rọrùn fún.

Ìyá_Bùrẹ́dì
Tí wọn ò bá wá dáhùn lẹ́tà yìí ńkọ́? Torí tèmi ò dáhùn.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Mà, ìwé kejì nìyẹn. Ìyẹn ló máa dá ọjọ́ ìkẹyìn, pé tí kò bá dé lọ́jọ́ báyìí a ò gbà á mọ́, ẹ dá ₦810,000 wa padà. Tí sọ́puláyà bá wà l'Ékòó, kóòtù fún gbèsè kékeré wà níbẹ̀ láti 2018, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, lẹ́tà ìbéèrè owó ló sì máa ń ṣáájú. ₦810,000 wọ ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó ni ibẹ̀ wà fún, wọn ò ní bá yín kan àga.

Gbénàgbénà_Ìkòròdú
Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, mo ní ohun kan tó lè mú àga yẹn jáde kíákíá. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹni yẹn lè má ní owó páìpù. Ẹ ní ìgbà tí ọjà bá pé lẹ máa san ₦1,440,000. Tí ẹ bá sọ fún un pé lọ́jọ́ tí 30 bá dé, ẹ máa san apá tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó máa fi ra ohun tó máa fi ṣe 20. 30 jẹ́ ₦1,350,000, ₦810,000 yín ti wà níbẹ̀, ẹ máa fi ₦540,000 kún un, á wá ku ₦900,000 fún 20. Ẹ ò san kọ́bọ̀ kan ju ọjà tó wà nílẹ̀ yín lọ.

Bàbá_Sítọ̀
Ó dáa, mo gbà á, ṣùgbọ́n mọ̀mí ló máa fọwọ́ sí i, ẹ má kọ ọ́ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ má sì san ṣáájú kí ọkọ̀ tó já ọjà, ẹnikẹ́ni ì báà máa bẹ̀bẹ̀.

Bọ́sà_ÒkèÌléwó
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mọ̀mí fọwọ́ sí ₦540,000 yẹn, mo fi gbólóhùn ẹ̀ sí i, mo sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ 24. Èsì dé ní Jímọ̀ọ́ ọjọ́ 26 ní ìrọ̀lẹ́: 22 ti kúrò lọ́wọ́ wẹ́dà, 30 á dé ní Ọjọ́bọ̀ 2 Ọ́kítóbà, 20 kékeré ní ọjọ́ 16. Ṣùgbọ́n wọ́n ní owó ọkọ̀ ti lé, torí ìrìnàjò méjì ni, kí a fi ₦120,000 kún un. Kótéṣọ̀n wọn kọ "pẹ̀lú ìkówá sí Abẹ́òkúta". Kí ni kí n sọ?

Ọmọ_Lọ́ọ̀
Ẹ má san, ó wà nínú kótéṣọ̀n pé wọ́n á kó o wá. Ìrìnàjò méjì, àwọn ló fà á.

Gbénàgbénà_Ìkòròdú
Lórí 30, mo fara mọ́ ọn. Lórí 20, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán, torí mọ̀mí ló yí i láàárín, ó lè jẹ́ pé ìyẹn ló jẹ́ kí ìrìnàjò kẹta wà. Tó bá jẹ́ èmi, mo máa béèrè díẹ̀ lórí ìyẹn.

Bàbá_Sítọ̀
Wọ́n gba àyípadà yẹn ní 21 Ogọ́ọ̀sì láìsọ owó kankan. Ẹ̀yin ẹ dúró lórí kótéṣọ̀n. Ẹ dá wọn lóhùn lónìí, ẹ má jẹ́ kó di Mọ́ńdè, torí tí ẹ bá dákẹ́ wọ́n á ní ẹ ti gbà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: a dúpẹ́ fún ọjọ́ méjèèjì, a ti kọ wọ́n sílẹ̀, a sì ń múra de ọkọ̀ yín ní 2 Ọ́kítóbà, ìkówá ti wà nínú ₦45,000 gẹ́gẹ́ bí kótéṣọ̀n yín, torí náà ₦540,000 la máa san lọ́jọ́ yẹn nígbà tí a bá ka 30 pé. Ẹ má fi ohun mìíràn kún un.

Tẹ́mi_Àkáǹtì
Tí wọ́n bá wá ní àwọn ò ní kó o wá láìsí ₦120,000 ńkọ́? Àwọn ọmọ ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gbénàgbénà_Ìkòròdú
Ẹ lè ní ẹ máa gbé ọkọ̀ tiyín wá fún 20 kékeré. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ò ní gbà á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan láti Abẹ́òkúta lè kó o tí wọ́n bá to àga léra wọn. Ẹ bi dírẹ́bà yín ní iye tó máa gbà, kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn.

Bọ́sà_ÒkèÌléwó
Mo ti fi èsì bàbá ránṣẹ́ báyìí, wọ́n ti kà á, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Mo máa béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà ní gáréèjì lọ́la. Sítọ̀-kípà ti ní òun á wà ní géètì ní 2 Ọ́kítóbà pẹ̀lú ẹ̀dà ẹ́lípíò lọ́wọ́.

Bàbá_Sítọ̀
Kó kà á, kó sì yẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ wò kó tó sáìnì. Tó bá rí èyí tó là, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀ sórí wéébìlì níwájú dírẹ́bà.